Ṣé Orí Ọ̀pẹ Yìí Á Dé Òrùlé?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá abala ìwé kan, báírò, rúlà, àti purotírátọ̀ inú mátísẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ bí ó bá wà nílé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwòrán ló ń bèèrè fún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì máa yà á bí mo bá ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé kan. Ó ti gbó, ìdí rẹ̀ ti ń jẹrà, àwọn onílé sì ti pinnu pé kí wọ́n gé e kí ìjì òjò tó ń bọ̀ tó bì í lulẹ̀. Wọ́n fa téépù láti ìdí ọ̀pẹ dé ara ògiri ilé, ó jẹ́ 19 mítà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀pẹ yìí bá lọ ṣìnà tó ṣubú síhà ilé, ṣé orí rẹ̀ á dé òrùlé? Ẹlẹ́mu lè fi igbà gùn ún lóòótọ́, ó sì lè mú téépù dání, ṣùgbọ́n kò lè dé ṣóńṣó màrìwò tó yọ gàgà lókè pátápátá. Ṣóńṣó yẹn gan-an ló sì máa kọ́kọ́ kan páànù bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ wa sí ilẹ̀, ká wọn ọ̀pẹ náà láti ibi tí a dúró sí.

Ẹ fa ìlà kan sórí ìwé yín, kó dùbúlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ní òpin rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ fa ìlà mìíràn tó dúró ṣánṣán lọ sókè. Níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, igun 90 dígírì ló wà níbẹ̀, ẹ fi àpótí kékeré sàmì sí i. Wàyí o, ẹ padà sí òpin ti ọwọ́ òsì, kí ẹ gbé purotírátọ̀ lé e, kí ẹ wọn igun 42 dígírì, kí ẹ sì fa ìlà kẹta láti ibẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sókè títí yóò fi pàdé èyí tó dúró. Onígun mẹ́ta yín ti délẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn ló gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì máa ń kọjú sí igun 90. Haipótínúsì ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀gbẹ́ gígùn. Orúkọ tirẹ̀ kì í yí padà. Àwọn méjì tó kù ni orúkọ wọn ń yí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìṣirò rárá. Ẹni tó bá dúró sí igun 42 dígírì, tó wá wo iwájú, yóò rí ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an: ẹ̀gbẹ́ ọ̀kánkán nìyẹn. Èyí tó dùbúlẹ̀, tó sì kan igun tí ó dúró sí, ni ẹ̀gbẹ́ ìtòsí. Ṣùgbọ́n tó bá gbéra lọ sí igun tó wà lókè, èyí tó dúró ṣánṣán ti di ìtòsí fún un, èyí tó dùbúlẹ̀ ti di ọ̀kánkán. Nítorí náà, ẹ má ṣe há a sórí pé ọ̀kánkán ni èyí tó dúró. Ẹ kọ́kọ́ mọ igun tí ẹ ń lò, kí ẹ tó fún ẹ̀gbẹ́ lórúkọ.

Ẹ mú rúlà yín báyìí, kí ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán. Bí ọwọ́ yín kò bá gbọ̀n, yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ẹ fi 10 pín 9, ẹ ó rí 0.9. Ká ní ìlà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 dípò mẹ́wàá, tí igun ṣì jẹ́ 42 dígírì, èyí tó dúró yóò di 18, tí ẹ bá sì pín in, 0.9 náà ni. Ká ní ẹ yà á sórí ilẹ̀ pápá ìṣeré, tó gùn ní 20 mítà, 0.9 ni yóò tún jẹ́. Onígun mẹ́ta lè tóbi, ó lè kéré, bí igun rẹ̀ kò bá ti yí padà, iye tí ẹ ó rí bí ẹ bá fi ìtòsí pín ọ̀kánkán kò ní yí padà. Iye yẹn ni wọ́n ń pè ní táńjẹ́ǹtì igun náà. Bí a bá fẹ́ kó péye, táńjẹ́ǹtì 42 dígírì jẹ́ 0.9004. Gbogbo nọ́ńbà táńjẹ́ǹtì tó wà nínú ìwé tábìlì onínọ́ńbà mẹ́rin tí àwọn àgbà wa lò nílé ìwé, àti èyí tí ẹ̀rọ ìṣirò ń gbé jáde lónìí, irú ìpín báyìí ni wọ́n, igun kan sí igun kan.

Sáìnì àti kósáìnì náà kò ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń fi wéra ló yàtọ̀. Sáìnì ń fi ọ̀kánkán wé ẹ̀gbẹ́ gígùn. Kósáìnì ń fi ìtòsí wé ẹ̀gbẹ́ gígùn. Táńjẹ́ǹtì ní tirẹ̀ kò ka ẹ̀gbẹ́ gígùn sí rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ bi ara yín léèrè pé: èwo nínú àwọn ẹ̀gbẹ́ ni mo mọ̀, èwo ni mò ń wá? Tí ẹ̀gbẹ́ gígùn kò bá sí nínú méjèèjì, táńjẹ́ǹtì ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀pẹ. Ohun tí a mọ̀ ni bí ibi tí a dúró sí ṣe jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó, ohun tí à ń wá ni gíga rẹ̀. Ìtòsí àti ọ̀kánkán ni wọ́n, táńjẹ́ǹtì sì ló ni iṣẹ́ náà. Ó wá ku igun. Igun tí ojú wa ń ṣe nígbà tí a bá gbé e kúrò ní wíwo iwájú gbọọrọ, tí a sì gbé e sókè dé ṣóńṣó màrìwò, òun ni igun ìgbójúsókè. Báwo la ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?

Àwọn sọ́fíọ̀ ní ẹ̀rọ olówó ńlá fún èyí, ṣùgbọ́n purotírátọ̀ ọmọ ilé ìwé tó. Ẹ so òwú mọ́ àárín etí rẹ̀ tó tọ́, níbi tí àmì kékeré yẹn wà, kí ẹ sì so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ òwú náà kó lè wálẹ̀ dọ́gba. Ẹ lẹ sítírọ̀ọ̀ ìmumi mọ́ etí tó tọ́ náà. Ẹ dorí purotírátọ̀ kodò, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí bí òṣùpá wà nísàlẹ̀, kí ẹ wá gba inú sítírọ̀ọ̀ wo ṣóńṣó ọ̀pẹ. Òwú yóò dúró ṣánṣán nítorí òkúta ara rẹ̀, ẹnì kejì yóò sì bá yín ka nọ́ńbà tó dúró lé lórí. Nígbà tí ẹ bá ń wo iwájú gbọọrọ, orí 90 ni òwú yóò wà. Bí ẹ bá ṣe ń gbójú sókè ni yóò máa kúrò lórí 90.

Ká ní a dúró ní 20 mítà sí ìdí ọ̀pẹ, òwú sì dúró lórí 48. Igun ìgbójúsókè kì í ṣe 48 o. Ẹ yọ 48 kúrò nínú 90, ó ku 42 dígírì, òun ni igun tí à ń wá. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tó lo 48 bó ṣe kà á, yóò ní ọ̀pẹ náà ga ju bó ṣe ga lọ ní mítà mẹ́rin àti díẹ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí ẹ fi ojú lásán wò ó: bí ẹ kò bá nílò láti gbé orí sókè tó ìdajì ọ̀nà sí òkè orí yín, igun yín kò lè ju 45 lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gíga jẹ́ 20 lọ́nà 0.9004, èyí tó jẹ́ mítà 18. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbí. Wọ́n á wo mítà 18, wọ́n á wo mítà 19 tó wà láàárín ọ̀pẹ àti ilé, wọ́n á ní ó ṣẹ́kù mítà kan, kí agégi máa bọ̀. Àṣìṣe ńlá ni.

Ẹ wo onígun mẹ́ta tí ẹ yà, kí ẹ bi í pé orí kí ni ó dúró lé. Kì í ṣe orí ilẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ni igun 42 wà, ojú yẹn sì ga kúrò nílẹ̀. Ìlà tó dùbúlẹ̀ gba ojú rẹ̀ lọ tààrà, ó sì kan ara ọ̀pẹ níbi tó ga bákan náà. Mítà 18 tí a rí, láti ibẹ̀ sókè ni. Apá ọ̀pẹ tó wà nísàlẹ̀ ìlà náà kò sí nínú onígun mẹ́ta rárá. Bí ojú ẹni tó wò ó bá ga ní mítà 1.5 láti ilẹ̀, a ó ro ó mọ́ 18, ọ̀pẹ náà yóò sì di mítà 19.5. Ìdajì mítà lé ní 19. Orí rẹ̀ á dé ilé.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé kò sí ohun tó burú nínú ìṣirò ẹni tó sọ pé 18. Táńjẹ́ǹtì rẹ̀ pé, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pé. Àwòrán tó yà ni kò bá ohun tó wà níwájú rẹ̀ mu. Nínú ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì náà, bí ìbéèrè bá ti dárúkọ gíga ẹni tó ń wò, ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, tó ní láti orí ilẹ̀ ni wọ́n ti wò, kò sí ohun tí ẹ ó rò mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ ìṣirò náà lè dà yín. Àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń lò ní ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà ka igun, àmì kékeré tó sì wà lókè ojú rẹ̀ ló ń fi èyí hàn: `D`, `R` tàbí `G`. `D` ni dígírì. Bí ẹnì kan bá ti tẹ̀ ẹ́ sí `G` láìmọ̀, tí ẹ sì bèèrè táńjẹ́ǹtì 42, yóò fún yín ní 0.7757. Nọ́ńbà yẹn kò jọ irọ́. Ẹ ó ṣírò, ẹ ó ro gíga ojú mọ́ ọn, ọ̀pẹ yóò sì di mítà 17, ọkàn yín á balẹ̀. Bó bá jẹ́ `R` ló wà, yóò fún yín ní ohun tó lé ní 2, ọ̀pẹ á sì ga ju mítà 45 lọ. Ìyẹn rọrùn láti fura sí. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ `tan 45`. Bí kò bá fún yín ní 1 gééré, ẹ lọ tún un ṣe ná. Ìdí ni pé ní 45 dígírì, ọ̀kánkán àti ìtòsí gùn bákan náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ti 45 yìí sọ́kàn, torí mo ṣì máa padà sí i. Ó sọ fún wa ibi tó yẹ ká dúró sí. Kò sẹ́ni tó lè fi purotírátọ̀ àti òwú wọn igun láìṣì í ní dígírì kan síwá tàbí sẹ́yìn. Ní mítà 20 tí a dúró sí, àṣìṣe dígírì kan yóò yí gíga ọ̀pẹ padà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63. Bí a bá sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, ká ní mítà márùn-ún péré, igun yóò ti lé ní 74, àṣìṣe kan náà yóò sì ju mítà kan lọ. Bí a bá tún jìnnà réré, ní 100 mítà, igun yóò kéré sí nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá, àṣìṣe náà yóò sì tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 80. Ibi tí igun bá ti wà nítòsí 45 ni àṣìṣe ti ń kéré jù, ìyẹn ni pé kí ẹ jìnnà sí ìdí igi tó bí ẹ ṣe rò pé ó ga tó.

Ìkìlọ̀ mìíràn: igun 90 tí gbogbo ìṣirò yìí dúró lé, ẹ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pẹ tó tẹ̀ kò ní in. Bí orí ọ̀pẹ wa bá tẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní mítà méjì, ṣóńṣó rẹ̀ kò jìnnà sí wa ní 20 mọ́, 18 ni, gíga rẹ̀ yóò sì já sí mítà 17.7 dípò 19.5. Bó bá tẹ̀ lọ sẹ́yìn, òdìkejì ni. Ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹ ti ń rí i pé ó tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì yín, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: mítà 20 tí téépù ń kà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe mítà 20 ìlà tó dùbúlẹ̀.

Wàyí o, a ti mọ̀ pé ọ̀pẹ á dé òrùlé. Àwọn agégi ní kò sí wàhálà, àwọn yóò so okùn mọ́ ọn, wọn yóò fà á síhà ibi tí kò sí ilé. Ẹlẹ́mu yóò gùn ún, yóò so okùn mọ́ ọn ní mítà 12 láti ilẹ̀. Ẹsẹ̀ igi mìíràn ni wọ́n fẹ́ so ìdí okùn mọ́ ní iwájú, kó lè le dáadáa kí ẹ̀rọ ìgégi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báwo ni okùn yìí ṣe yẹ kó gùn tó?

Ẹnì kan nínú wọn ní kí okùn ṣe igun 35 dígírì pẹ̀lú ilẹ̀. Ẹ yà á: mítà 12 ló dúró ṣánṣán, okùn ló dà gẹ̀rẹ́, òun ni ẹ̀gbẹ́ gígùn. Ọ̀kánkán la mọ̀, ẹ̀gbẹ́ gígùn là ń wá, sáìnì nìyẹn. Sáìnì 35 jẹ́ 0.5736. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò fi í sọ 12 di púpọ̀, wọn yóò rí mítà 6.9. Ẹ wò ó: okùn tó bẹ̀rẹ̀ láti mítà 12 lókè, ṣé mítà méje lè gbé e délẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ gígùn kò gbọ́dọ̀ kéré sí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù láé. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ló wà nísàlẹ̀ nínú ìpín, nítorí náà pípín ni: ẹ fi 0.5736 pín 12, ó jẹ́ mítà 20.9. Ibi tí okùn bá sì ti kan ilẹ̀ ńkọ́? Kósáìnì 35 jẹ́ 0.8192. Ẹ fi í sọ 20.9 di púpọ̀, ó jẹ́ mítà 17.1 láti ìdí ọ̀pẹ.

Ẹ dúró ná. Ọ̀pẹ ga ní 19.5. Ẹni tó bá ń ṣọ́ okùn ní mítà 17, orí ọ̀pẹ ni yóò wó lé e. Igun 35 yẹn kò dára, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ pé tó. Kí wọ́n lọ so ó jìnnà, ní mítà 30. Nísinsìnyí, 12 ló dúró, 30 ló dùbúlẹ̀, igun ni a kò mọ̀. Ẹ fi 30 pín 12, ó jẹ́ 0.4. Ìbéèrè wá yí padà: igun wo ni táńjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 0.4? Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ `SHIFT`, kí ẹ tó tẹ `tan`, yóò gbé `tan⁻¹` wá, ẹ tẹ 0.4, ìdáhùn sì jẹ́ dígírì 21.8. Ìtòsí tí í ṣe 30 la mọ̀, okùn là ń wá, kósáìnì la ó lò. Kósáìnì 21.8 jẹ́ 0.9285, ẹ fi pín 30, ó jẹ́ mítà 32.3. Ẹ tún gba ọ̀nà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1044, gbòǹgbò onílọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 32.3. Wọ́n bára mu. Ẹ fi mítà mélòó kan kún un fún kókó tí wọ́n fẹ́ ta lókè àti nísàlẹ̀, ìṣirò kò mọ̀ nípa kókó.

Ó ku ọ̀ràn kan tó máa ń dààmú èèyàn. Kí ni kí a ṣe bí a kò bá lè dé ìdí ohun tí a fẹ́ wọ̀n? Máàsìtì tẹlifóònù wà nínú ọgbà tí wọ́n tì pa, ajá wà níbẹ̀, a kò lè fa téépù dé ìdí rẹ̀. Ẹ dúró síta, kí ẹ máa rìn síwá sẹ́yìn títí igun ìgbójúsókè yóò fi jẹ́ 45 gééré. Ẹ fi òkúta sàmì síbẹ̀. Kí ẹ wá fi ẹ̀yìn rìn, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú máàsìtì, títí igun yóò fi di 30. Ẹ wọn àárín àmì méjèèjì. Ká ní ó jẹ́ mítà 22.

Ní àmì àkọ́kọ́, torí 45 ni igun, bí ẹ ṣe jìnnà sí máàsìtì ni ó ṣe ga sí lókè ojú yín. Iye kan náà ni, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní àmì kejì, ẹ fi mítà 22 jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, táńjẹ́ǹtì 30 sì jẹ́ 0.5774. Ìyẹn ni pé gíga náà jẹ́ 0.5774 lọ́nà àpapọ̀ gíga náà fúnra rẹ̀ àti 22. Apá ti 22 jẹ́ 12.7. Apá kejì jẹ́ 0.5774 gíga náà. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú odindi gíga kan, ó ku 0.4226 rẹ̀, òun ló dọ́gba pẹ̀lú 12.7. Ẹ fi 0.4226 pín 12.7, ẹ ó rí mítà 30 àti díẹ̀. Ẹ ro gíga ojú mọ́ ọn, ó jẹ́ nǹkan bíi 31.5. A kò tẹ inú ọgbà náà rárá.

Ewu ọ̀nà yìí ni pé kí àmì méjèèjì sún mọ́ra jù. Bí a bá fi ẹ̀yìn rìn ní mítà márùn-ún péré, igun kejì yóò jẹ́ 40.6. Bí a bá ṣì í kà sí 41.6, ìyẹn dígírì kan péré, mítà 30 yóò di nǹkan bíi 40. Ẹ rìn jìnnà.

Irú ọ̀nà yìí, tí wọ́n fi ń wọn ohun tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé, ni wọ́n lò láti mọ gíga Òkè Éfẹ́rẹ́sìtì. Ìlú Nẹ̀páàlì kò gba àwọn sọ́fíọ̀ Íńdíà láyè láti wọlé, nítorí náà wọ́n dúró sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Íńdíà, ní ibi tó lé ní 160 kìlómítà sí òkè náà, wọ́n sì wọn igun láti ọ̀pọ̀ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Radhanath Sikdar, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìṣirò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ló ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1856 pé ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 29,002. Nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 30 péré ni èyí fi dín sí iye tí wọ́n kéde ní 2020, tí í ṣe mítà 8,848.86. Ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta lásán kò tó fún irú iṣẹ́ yẹn. Ilé ayé yípo, láàárín 160 kìlómítà, ilẹ̀ ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà ojú wa ní nǹkan bíi kìlómítà méjì, afẹ́fẹ́ náà sì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní láti ṣírò méjèèjì mọ́ ọn. Ní ti ọ̀pẹ wa tó wà ní 20 mítà, títẹ̀ ilẹ̀ ayé kò nípọn tó irun orí kan.

Kí n tó dákẹ́, ìbéèrè kan láti ọ̀nà kejì. Ẹnì kan dúró lójú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú rẹ̀ ga ní mítà 12 láti ilẹ̀. Ó wo ọkọ̀ kan nísàlẹ̀, igun ìwolẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 dígírì. Báwo ni ọkọ̀ náà ṣe jìnnà sí ìdí ilé tó? Àwọn kan yóò fi igun 25 sí àárín ògiri àti ìlà ojú rẹ̀, ìdáhùn wọn yóò sì jẹ́ mítà 5.6. Láti ìlà tó gba ojú lọ gbọọrọ síwájú ni a ti ń ka igun ìwolẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ìgbójúsókè, kì í ṣe láti ara ògiri. Igun tó wà níbi ọkọ̀, láàárín ilẹ̀ àti ìlà ojú náà, jẹ́ 25 bákan náà, 12 ló sì wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Táńjẹ́ǹtì 25 jẹ́ 0.4663, ẹ fi pín 12, ó jẹ́ mítà 25.7. Kódà kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ ti lè mọ̀ pé 5.6 kò ṣeé ṣe: 45 ni igun tó ń mú jíjìnnà dọ́gba pẹ̀lú gíga, 25 kò sì tó o, torí náà ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà ju mítà 12 lọ.